Àbẹ́là tó di pupa lójú mi: ẹ bá mi ka ṣáàtì GBP/USD yìí

Onífóònù_Òṣogbo, 11:40 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹbí. Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Òṣogbo. N kò mọ nǹkan kan nípa fọ́rẹ́ẹ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Oníbàárà mi kan ló ní kí n gba MT4, áàpù tí wọ́n fi ń wo ṣáàtì owó, sórí fóònù, kí n ṣí àkáǹtì ìdánrawò tí kò ní owó gidi nínú, kí n sì máa wo GBP/USD lórí H1. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń wò ó.

Lónìí, ní agogo 10 kọjá 20 ìṣẹ́jú, mo rí àbẹ́là àwọ̀ ewé kan tó sanra tó sì ga. Mo ní ó ń gòkè nìyẹn. Mo lọ pààrọ̀ gíláàsì fóònù fún ẹnìkan. Nígbà tí mo fi máa padà dé lẹ́yìn agogo 11, àbẹ́là yẹn gan-an ti di pupa, ó ti rún wómúwómú, òwú gígùn kan sì dúró ṣánṣán lórí rẹ̀. Ṣé áàpù mi ló bàjẹ́ ni? Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ohun tó gbé jáde nìyí:

```
O 1.2710  H 1.2748  L 1.2702  C 1.2706
```

Ìkejì, aago orí ṣáàtì sọ pé agogo 12 ni nígbà tí aago ọwọ́ mi ń sọ pé agogo 10. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìyá_Tòkunbọ̀, 11:52 àárọ̀

Ọmọ mi, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ máa ń fi ara yín wàhálà. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, oṣooṣù ni mo ń fi pọ́n-ùn ránṣẹ́ sílé. Bó o bá fẹ́ mọ iye tí pọ́n-ùn ń lọ, áàpù tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́ ni kó o wò, kì í ṣe àbẹ́là. Ó máa sọ fún ọ ní náírà, tààràtà.

Olóyè_Píìpù, 12:05 ọ̀sán

Màmá, ẹ má bínú, ìyẹn kọ́ ló ń béèrè. Pọ́n-ùn sí dọ́là ló ń wò, náírà ò sí níbẹ̀.

Arákùnrin, áàpù rẹ ò bàjẹ́. Ó rọrùn: bí àwọn tó ń rà bá pọ̀ ju àwọn tó ń tà lọ, àwọ̀ ewé. Bí àwọn tó ń tà bá pọ̀ jù, pupa. Ní agogo 10 kọjá 20, àwọn olùrà ló pọ̀, nígbà tó yá àwọn olùtà borí. Òwú gígùn tó wà lókè yẹn, àmì pé ó máa lọ sílẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ni òwú náà gùn sí, ó máa gòkè. Há ìyẹn sórí, o ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Bàbá_Marina, 12:48 ọ̀sán

Olóyè, apá kan òótọ́ ni, ṣùgbọ́n apá kan yẹn lè gba owó lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo jókòó sídìí pàṣípààrọ̀ owó ilẹ̀ òkèèrè ní báńkì ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìntì, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá a lóhùn.

Onífóònù, iwájú dọ́là ni pọ́n-ùn wà nínú orúkọ GBP/USD, nítorí náà pọ́n-ùn ni ọjà tó wà lórí igbá, dọ́là ni owó tí wọ́n fi ń rà á. 1.2710 túmọ̀ sí pé pọ́n-ùn kan jẹ́ dọ́là 1 àti sẹ́ǹtì 27 ó lé díẹ̀. Bí ṣáàtì bá gòkè, pọ́n-ùn ló wọ́n sí i.

Àbẹ́là H1 kan kó wákàtí kan jọ, ohun mẹ́rin péré ló sì ń rántí nínú wákàtí náà. O ni iye tí ọjà wà nígbà tí wákàtí bẹ̀rẹ̀. H ni ibi tó ga jù tó dé. L ni ibi tó rẹlẹ̀ jù. C ni ibi tó wà nígbà tí wákàtí parí. Ara àbẹ́là ni àárín O àti C. Òwú òkè dé H, òwú ìsàlẹ̀ dé L. Gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán yẹn nìyẹn, kò sí àṣírí mìíràn.

Àwọ̀ ń tọ́ka sí ohun kan ṣoṣo: ṣé C wà lókè O ni àbí ìsàlẹ̀ rẹ̀? Kò kan àbẹ́là tó ṣáájú. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, pàápàá ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, pé kí àbẹ́là jẹ́ àwọ̀ ewé síbẹ̀ kí owó ṣì wà nísàlẹ̀ ibi tó parí sí ní ọjọ́ Ẹtì, nítorí pé ọjà ti fò sílẹ̀ kó tó ṣí.

Wàyí o, ti àárọ̀ yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1.2710. Nígbà tó o wò ó ní agogo 10 kọjá 20, wákàtí ò tíì parí, nítorí náà C tó o rí kì í ṣe C, iye ìṣẹ́jú yẹn lásán ni. Ká ní ó wà ní 1.2741 nígbà yẹn, ara àbẹ́là máa ga ní píìpù 31, yóò sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Lẹ́yìn náà ó dé 1.2748, ó yípadà, ó ń bọ̀ wálẹ̀ títí tó fi parí ní 1.2706. Àárín 1.2710 àti 1.2706, píìpù 4 péré, pupa. Òwú òkè: 1.2748 yọ 1.2710, píìpù 38. Ara tó sanra ní ìṣáájú ló di òwú. Kò sóhun tó bàjẹ́. Ìwé tí wọn ò tíì kọ tán lo kà.

Olóyè, ní ti olùrà tó pọ̀ ju olùtà: kò sẹ́ni tó lè ra pọ́n-ùn bí ẹnìkan ò bá tà á fún un. Iye tí wọ́n rà ni iye tí wọ́n tà. Ohun tó ń gbé e sókè ni pé ẹni tó fẹ́ rà ń kánjú, ó gbà láti san ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọjà Bódìjà kọ́ wa bẹ́ẹ̀.

Onífóònù_Òṣogbo, 1:15 ọ̀sán

Bàbá, ẹ ṣeun púpọ̀, ó ti ń yé mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni píìpù? Mo rí i pé nọ́ńbà márùn-ún ló wà lẹ́yìn àmì kékeré yẹn lórí fóònù mi, 1.27104 báyìí, èyí tó gbẹ̀yìn sì kéré ju àwọn tó kù lọ.

Sísí_Àgbádárìgì, 1:31 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n bá Bàbá dáhùn. Nọ́ńbà kẹrin lẹ́yìn àmì ni píìpù. Láti 1.2710 dé 1.2711, píìpù 1 nìyẹn. Èyí tó kéré ní ìparí jẹ́ ìdá mẹ́wàá píìpù, fojú fò ó ná. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó o bá ṣí ṣáàtì tó ní owó Japan nínú, bíi USD/JPY, nọ́ńbà kejì ni píìpù níbẹ̀. Mo gbàgbé ìyẹn nígbà kan, mo rò pé ọjà ti rin ẹgbẹ̀rún píìpù ní ọ̀sán kan, mo pariwo títí aládùúgbò fi jáde.

Ní ti aago: aago bróókà, iléeṣẹ́ tó ń bá wa rà á tó ń bá wa tà á, ló wà lórí ṣáàtì MT4, kì í ṣe aago Nàìjíríà. Púpọ̀ nínú wọn máa ń fi ti wọn ṣáájú tiwa ní wákàtí 2 lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó, wákàtí 1 lásìkò òtútù wọn. Wọn ò ṣèèṣì ṣe é. Wọ́n fẹ́ kí agogo 12 òru wọn bọ́ sí agogo 5 ìrọ̀lẹ́ ní Níú Yọ́ọ̀kì, níbi tí ọjọ́ fọ́rẹ́ẹ̀sì ti ń parí. Nítorí náà àbẹ́là ọjọ́ kan, D1, máa ń parí ní agogo 10 alẹ́ wa, tàbí 11 nígbà òtútù wọn. Bí aago bróókà kan bá yàtọ̀ sí ìyẹn, àbẹ́là ọjọ́ tirẹ̀ máa yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. O lè rí àbẹ́là kékeré kan fún ọjọ́ Àìkú níbẹ̀ pàápàá. Òwò kan náà ni, ibi tí wọ́n ti gé e ló yàtọ̀.

Akéwì_Ìlọrin, 1:50 ọ̀sán

Lórí kọ̀ǹpútà tèmi kò sí pupa, kò sí àwọ̀ ewé. Funfun ni àti dúdú. Mo gbà pé funfun ni ó gòkè, àbí?

Sísí_Àgbádárìgì, 1:58 ọ̀sán

Rárá o! Bí MT4 ṣe máa ń wà lórí kọ̀ǹpútà kéèyàn tó tún un ṣe nìyẹn: èyí tó gòkè ṣófo nínú, ẹ óò máa rí dúdú ẹ̀yìn ṣáàtì gba inú rẹ̀ kọjá. Èyí tó lọ sílẹ̀ ni wọ́n fi funfun kún. Ojú idà ni ẹ dì mú yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni ní Ṣáínà, pupa ni àwọ̀ ohun tó gòkè lórí ṣáàtì ọjà ìpín. Kí ẹ tó gba àwọ̀ gbọ́, ẹ fọwọ́ kan àbẹ́là kan, kí ẹ fi O wé C.

Akéwì_Ìlọrin, 2:02 ọ̀sán

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń kà á sódì. Ó dáa pé ìdánrawò ni.

Olóyè_Píìpù, 2:20 ọ̀sán

Bàbá, mo gba ti olùrà àti olùtà. Ṣùgbọ́n ti òwú, n kò gbà. Òwú gígùn nísàlẹ̀ túmọ̀ sí pé wọ́n fà á lọ sílẹ̀, àwọn kan sì gbé e padà sókè. Agbára wọn hàn níbẹ̀. Mo ti rà lórí irú àbẹ́là bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì jèrè.

Bàbá_Marina, 3:10 ọ̀sán

Olóyè, ẹ ṣí GBP/USD, ẹ lọ sí D1, kí ẹ padà sẹ́yìn dé ọjọ́ Ẹtì, 24 oṣù kẹfà 2016. Ẹni tó bá rí àbẹ́là náà kò ní gbàgbé rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlélógún, Bìrìtìkó dìbò bóyá kí wọ́n kúrò nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Agogo 10 alẹ́ ni ìdìbò parí ní Lọ́ńdọ̀nù. Agogo 10 alẹ́ náà ni ní Èkó, agogo 5 ìrọ̀lẹ́ sì ni ní Níú Yọ́ọ̀kì. Ẹ rántí ohun tí Sísí sọ: ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni àbẹ́là ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ parí tí ti ọjọ́ Ẹtì bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà gbogbo òru tí wọ́n fi ka ìbò, inú àbẹ́là kan ṣoṣo ló wà.

Ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1.49. Níbẹ̀rẹ̀ alẹ́, èrò àwọn èèyàn ni pé wọn ò ní kúrò, pọ́n-ùn sì gun dé 1.50 ó lé díẹ̀. Òwú òkè nìyẹn, kúkúrú. Bí èsì ṣe ń wọlé láti ìlú kan sí òmíràn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Kí ilẹ̀ Ẹtì tó mọ́ dáadáa, ó ti dé nǹkan bí 1.323. Lẹ́yìn náà ó padà gòkè díẹ̀, ọjọ́ sì parí ní nǹkan bí 1.368. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ara pupa gùn tó nǹkan bí píìpù 1,200, òwú ìsàlẹ̀ sì tó bíi 450.

Òwú píìpù 450 nísàlẹ̀! Bí a bá tẹ̀lé òfin Olóyè, ọjọ́ Ajé ni kéèyàn rà. Ọjọ́ Ajé, pọ́n-ùn ṣí nísàlẹ̀ ibi tó parí sí ní ọjọ́ Ẹtì, ó sì lọ dé nǹkan bí 1.31. Nígbà tí oṣù keje fi pé ọ̀sẹ̀ kan, ó ti wà nísàlẹ̀ 1.30. Òwú yẹn kò parọ́, ó sọ pé ọjà dé 1.32 ó sì kúrò níbẹ̀ kí ọjọ́ tó parí. Kò ṣèlérí pé kò ní padà síbẹ̀. Àwa la fi ìlérí sí i lẹ́nu.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ mi ni pé kí wọ́n fi òwú wé ara àbẹ́là kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Níbí, ara fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta òwú. Ẹni tó ń tà ló jẹ́ olórí ọjọ́ náà.

Olóyè_Píìpù, 3:36 ọ̀sán

Bàbá, ìròyìn ńlá nìyẹn. Ẹnìkan ò lè fi ọjọ́ ogun díwọ̀n ọjọ́ ọjà. Lọ́jọ́ tí kò sí ìròyìn, tí òwú bá gùn ju ara lọ, tó sì ṣẹlẹ̀ níbi tí ọjà ti yípadà rí, mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi.

Sísí_Àgbádárìgì, 3:44 ọ̀sán

"Níbi tí ọjà ti yípadà rí." Olóyè ti fi kún òfin rẹ̀ báyìí o, kò sí níbẹ̀ ní ọ̀sán. Ṣùgbọ́n lórí ìyẹn, èmi náà wà lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀.

Onífóònù_Òṣogbo, 4:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Nínú àbẹ́là tèmi, ṣé 1.2702 ló kọ́kọ́ dé àbí 1.2748? Mo wò ó títí, n kò rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Sísí_Àgbádárìgì, 4:22 ìrọ̀lẹ́

Ìbéèrè tó dáa jù lónìí nìyẹn, nítorí pé àbẹ́là ò lè dá ọ lóhùn. Ó mọ̀ pé ọjà dé ibi méjèèjì, kò mọ èyí tó ṣáájú. Láti mọ̀, yí ṣáàtì sí M15 kó o tú wákàtí náà sí mẹ́rin. Lórí tèmi ó rí báyìí:

```
10:00  O 1.2710  H 1.2724  L 1.2702  C 1.2722
10:15  O 1.2722  H 1.2748  L 1.2720  C 1.2737
10:30  O 1.2737  H 1.2739  L 1.2717  C 1.2719
10:45  O 1.2719  H 1.2721  L 1.2704  C 1.2706
```

Mo ti yí i sí aago wa. Ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ, láàárín mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́. Ìkejì ló gun òkè, ìgbà yẹn lo wò ó. Ìkẹta àti ìkẹrin ló sọ ọ́ kalẹ̀. Wò ó: èyí àkọ́kọ́ àti ìkejì jẹ́ àwọ̀ ewé, ìkẹta àti ìkẹrin pupa. Ọjà kan náà, wákàtí kan náà, H1 kó gbogbo rẹ̀ sínú àbẹ́là pupa kan ṣoṣo tó kéré.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó dùn mí. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo ta pọ́n-ùn, mo sì fi sítọ́ọ̀pù lọ́ọ̀sì mi, iye tí òwò á ti parí fúnra rẹ̀ kí àdánù má bàa pọ̀ jù, sókè díẹ̀ ju òwú tó ga jù lọ. Bróókà ti mi síta. Mo wo ṣáàtì, òwú kankan ò dé ibẹ̀! Mo kọ̀wé sí wọn pẹ̀lú ìbínú pé olè ni wọ́n. Ìgbà tó yá ló yé mi. Iye tí bróókà máa ra ọjà lọ́wọ́ ẹni ni MT4 fi ń ya àbẹ́là, ṣùgbọ́n ẹni tó tà gbọ́dọ̀ rà padà ní iye tí bróókà ń tà, tó ga jù ú lọ. Àlàfo àárín méjèèjì kò sí nínú àbẹ́là. Lọ́sàn-án, ó lè má ju píìpù 1 tàbí 2 lọ lórí GBP/USD. Ní agogo 10 alẹ́ tí Níú Yọ́ọ̀kì bá ń palẹ̀ mọ́, ó máa ń fẹ̀. Ìgbà yẹn ni tèmi ṣẹlẹ̀.

Ìyá_Tòkunbọ̀, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, èyí kàn mí o. Ṣé ohun tó fà á nìyẹn tí iye tí wọ́n fún mi kì í fi bá èyí tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì mu?

Bàbá_Marina, 5:05 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀kan náà ni, Màmá, àfi pé àlàfo tiyín tóbi ju ti àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ. Iye orí ṣáàtì wà láàárín àwọn tó ń ra mílíọ̀nù lẹ́ẹ̀kan.

Aláṣọ_Ìsẹ́yìn, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ dákun, ṣáàtì USD/NGN ni mo máa ń wò ní tèmi nítorí òwú àti àwọ̀ aṣọ tí mo ń rà láti òkèèrè. Nígbàkígbà tí náírà bá já, àwọ̀ ewé ni mo ń rí. Ṣé wọ́n ń bá wa yọ̀ ni?

Bàbá_Marina, 5:47 ìrọ̀lẹ́

Dọ́là ló wà níwájú, dọ́là ló wà lórí igbá. Ó wọ́n sí i, ó di àwọ̀ ewé. Ẹni tó ni náírà ló ń sunkún.

Ṣùgbọ́n ẹ má ka ṣáàtì yẹn bí ẹ ṣe ń ka GBP/USD. Ṣáájú 14 oṣù kẹfà 2023, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà di iye ọjà ìjọba mú, àbẹ́là ọjọ́ púpọ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìlà. Kì í ṣe pé ọjà balẹ̀. Wọ́n dè é ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú u sílẹ̀, ó kúrò ní nǹkan bí 471 ó fò kọjá 600. Iye tí ẹ ń ra dọ́là lọ́wọ́ àwọn mọ̀lá kò fi ìgbà kan sí nínú àbẹ́là náà.

Olóyè_Píìpù, 6:15 ìrọ̀lẹ́

Onífóònù, bó bá jẹ́ èmi, máa lo M5. Àbẹ́là pọ̀ níbẹ̀, wàá tètè mọ̀ ọ́n kà.

Bàbá_Marina, 6:20 ìrọ̀lẹ́

Kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú D1. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́, lẹ́yìn agogo 10 alẹ́.

Sísí_Àgbádárìgì, 6:26 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin méjèèjì. Ọmọ yìí ń ṣiṣẹ́, kò lè jókòó ti M5. Bẹ́ẹ̀ D1 kan lóòjọ́, ìgbà wo ló máa rí ọgọ́rùn-ún? Kó dúró sórí H1, kó máa kọ O, H, L àti C sínú ìwé nígbà tí wákàtí bá parí.

Onífóònù_Òṣogbo, ọjọ́ kejì, 10:52 àárọ̀

Mo ra ìwé. Ẹ wò ó: agogo 10 òní, O 1.2688, H 1.2695, L 1.2661, C 1.2690. Ara píìpù 2, òwú òkè 5, òwú ìsàlẹ̀ 27. Àwọ̀ ewé. Olóyè, ṣé irú èyí lẹ ń wí?

Olóyè_Píìpù, 10:55 àárọ̀

Ó jọ ọ́! Ṣé ọjà ti yípadà níbẹ̀ rí?

Bàbá_Marina, 10:56 àárọ̀

Onífóònù, agogo mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ?